Bátìrì kékeré inú Prius: ohun tí mo bá nínú búùtù, àti bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀

Láti Òmù-Àrán ni wọ́n ti fi ọkọ̀ wọ́ Prius 2010 kan, mọ́tò Toyota tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìlọrin. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, iná ìkìlọ̀ á kún dáṣíbọ́ọ̀dù, rìlé á máa dún tà-tà-tà, àmì READY tó ń sọ pé mọ́tò ti ṣetán láti rìn kò sì ní yọ. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ti sọ fún ìyá tó ni ín pé bátìrì ńlá ló kú. "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ bá mi wò ó dáadáa kí n tó wá owó yẹn," ni wọ́n wí. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì kékeré ẹ̀yìn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i.

Òun gan-an ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Kì í ṣe bátìrì fólítì 12 yìí ló ń ta ẹ́ńjìnnì Prius. Bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn àga, tó jẹ́ fólítì 201.6, ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ bátìrì kékeré ni kó jí àwọn kọ̀ǹpútà, kó sì gbé rìlé tó ń jẹ́ kí iná bátìrì ńlá jáde. Bí òun bá ti rẹ̀, bátìrì ńlá lè kún dẹ́nu kó má wúlò fún nǹkan kan. Nínú mọ́tò lásán, bátìrì tó ń kú lọ máa ń jẹ́ ká mọ̀: sítátà á máa fà, á máa lọ́ra láàárọ̀. Níbí, kò sí sítátà tí yóò lọ́ra, nítorí náà ọjọ́ tó bá kú ni èèyàn ń mọ̀.

Búùtù kò ṣí, torí iná ló ń ṣí i. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ṣí ìdérí àpótí fúùsì, mo gbé ọmọrí pupa tó wà níbẹ̀ sókè: ibẹ̀ ni ojú ìṣo pọ́sítífù tí a ń lò fún jọ́ńpù. Mo so pọ́sítífù bátìrì mìíràn mọ́ ọn, mo so nẹ́gátífù mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà. Mo tẹ bíréèkì, mo tẹ bọ́tìnnì, READY yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì ńlá. Mo fi mítà wo ojú ìṣo yẹn nígbà tí mo ti yọ wáyà jọ́ńpù kúrò: fólítì 14.1. Ìyẹn fi hàn pé inífátà, tó ń sọ iná bátìrì ńlá di fólítì kékeré, ń ṣájì bátìrì kékeré bó ṣe yẹ, torí kò sí ọ́tánétọ̀ nínú mọ́tò yìí. Ká ní 12 àti díẹ̀ ni mo rí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ì bá jẹ́.

Ìgbà tí mo ṣí búùtù, òórùn ló kọ́kọ́ kí mi, òórùn ásíìdì. Bátìrì olómi lásán ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ti bo irin tó dè é mọ́lẹ̀, ìpatà ti ń jẹ irin náà láti igun. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó kó èéfín bátìrì jáde sábẹ́ mọ́tò ń mì lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò síhò tí wọ́n lè kì í bọ̀ lára bátìrì yẹn. Ibi tí ewu wà nìyí: búùtù Prius àti ibi tí èèyàn jókòó kò ní ògiri láàárín. Haidirójìn tí bátìrì olómi ń tú jáde nígbà tó bá ń gba iná, inú mọ́tò ló ń wọ̀, ó sì lè gbiná. Bátìrì tó yẹ ibẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ AGM sí lára: ìṣù owú gíláàsì ló mu ásíìdì inú rẹ̀, kì í dànù, ó sì ní ihò fún rọ́bà náà. S46B24R ni nọ́ńbà rẹ̀, áńpù-wákàtí 45.

Tẹ́mínà náà tún wà níbẹ̀. Orí bátìrì S46B24R tín-ín-rín. Ti olómi yẹn nípọn. Ẹni tó gbé e sí i ti fi síkúrúdíráfà la tẹ́mínà mọ́tò, ó fi òòlù gbá a wọlé, kò sì dé ìsàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan yí i, ó yí. Tẹ́mínà tí kò mú dáadáa kì í jẹ́ kí iná wọlé tó. Mo ní láti ra méjèèjì tuntun.

Síbẹ̀, jíjẹ́ olómi nìkan kò tó láti pa bátìrì lóṣù márùn-ún. Mo wá ohun tó ń mu iná. Mo fi síkúrúdíráfà tẹ irin tó ń ti búùtù mú kí mọ́tò rò pé búùtù ti pa dé, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jìnnà, mo sì dúró ogójì ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà tó sùn. Mílíáńpù 180 ló ń jáde. Èyí tó bá tó 20 sí 50 kò burú. Ẹ bá mi ṣírò: 0.18 lọ́nà wákàtí 24 jẹ́ áńpù-wákàtí 4.3 lójúmọ́. Ìyá máa ń pa mọ́tò tì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ márùn-ún, áńpù-wákàtí 21 ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì bátìrì. Bí bátìrì bá ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n wá kàn wa mọ́tò lọ sọ́jà kí wọ́n tó dá a padà, kì í kún láé, súfétì á sì le mọ́ àwọn páálí òjé inú rẹ̀. Tírákà tí wọ́n so mọ́ wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń mu ún. Mo tú u, mítà bọ́ sí 25.

Kí n tó ra bátìrì, mo fi mítà wò ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 12.1, mo dá a padà, torí ó ti jókòó pẹ́. Èkejì jẹ́ 12.7. Mo tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó, kí ojú àwọn méjèèjì kọ síbì kan náà, láti rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àmì + wọn wà. Bí lẹ́tà ìparí bá jẹ́ L dípò R, òdì kejì ni + wà. Ẹni tó bá fi tipá fa wáyà kó lè dé ibẹ̀, tó sì so ó ní òdì, fúùsì ńlá ló máa kọ́kọ́ jó, ó sì lè ba inífátà jẹ́, owó ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Mo pa mọ́tò, mo tú nẹ́gátífù pẹ̀lú sípánà 10, lẹ́yìn náà pọ́sítífù. Mo fi omi àti sódà ìyan búrẹ́dì fọ irin náà, mo nù ún gbẹ. Mo gbé AGM wọlé, mo kì rọ́bà èéfín bọ ihò rẹ̀, mo so pọ́sítífù ṣáájú, nẹ́gátífù gbẹ̀yìn. Òjé rọ̀; bí ọwọ́ kò bá lè yí tẹ́mínà mọ́, ó tó, ẹ má fún un jù. Wáyà kékeré tó ń wo bí bátìrì ṣe gbóná náà, mo dá a padà sójú rẹ̀, torí inífátà ń tẹ̀ lé e láti mọ iye fólítì tí yóò fi ṣájì. Búùtù ṣí sílẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Lẹ́yìn òru mẹ́ta tí mọ́tò kò kúrò lójú kan, mítà ṣì ka 12.6. Mo sọ fún ìyá pé tí wọ́n bá máa pa á tì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì títí READY á fi yọ, kí wọ́n fi í sí P fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, níta gbangba, torí ẹ́ńjìnnì lè ta fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn tẹ bọ́tìnnì láìtẹ bíréèkì láti gbọ́ rédíò, bátìrì kékeré nìkan ni wọ́n ń jẹ.