Bí mo ṣe dán eré káàdì mi wò lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ mí rí ní Ṣágámù

Eré káàdì kan ni mo ń ṣe lórí òwò obì: ẹ ó ra obì ní Ṣágámù, ẹ ó kó o sọ́kọ̀, ẹ ó tà á ní Kánò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ ọ́n jù, ẹni tí kò ní í wojú mi kó tó sòótọ́ ni mo ń wá. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ kan ní Mákùn, mo sì ní ẹni tó bá bá mi dán an wò á mu ẹlẹ́rìndòdò kan. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó.

Mo gbé páálí eré àti ìwé òfin síwájú wọn, mo fà sẹ́yìn, mo panu mọ́. Èyí ló nira jù. Tẹ́nì kan bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ta eléyìí báyìí?" èsì mi ni, "Kí lẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe?" Màá sì kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ra eré náà lọ́jà kò ní í bá mi nínú páálí.

Ní tábìlì àkọ́kọ́, obì kún ọwọ́ gbogbo wọn, owó tán, kò sẹ́ni tó ń tà. Ọlọ́kadà kan ní, "Owó tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ti kéré jù, ẹ fi kún un." Tábìlì kejì náà sọ bẹ́ẹ̀. N kò fi kún un. Ẹni tó ń ṣeré mọ ibi tó ti ń dùn ún, kì í sábà mọ ohun tó fà á. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, n kò bi wọ́n pé ṣé ó dùn, torí gbogbo wọn ni yóò ní ó dùn. Káàdì kan ni mo mú, mo ní, "Ẹ ṣàlàyé eléyìí fún mi bí ẹni tí kò rí i rí." Arábìnrin kan yí i wò, ló bá pariwo: "Háà! Iye tá a máa tà á ló wà nísàlẹ̀ yìí?"

Mo wá wo ọwọ́ wọn dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń di wọ́ọ̀tì mú ni wọ́n ṣe di tèmi náà, wọ́n tẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀, igun òkè lápá òsì nìkan ló yọ síta. Iye tí wọ́n fi rà á ló wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n máa tà á wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, káàdì mìíràn sì ti bò ó.

N kò tún káàdì tẹ̀. Mo gé bébà alálẹ̀mọ́, mo fi bírò kọ iye títà sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun òkè lápá òsì. Iye rírà ni mo gbé lọ sísàlẹ̀, torí orí tábìlì ni káàdì máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń rà á, gbogbo ara rẹ̀ ló ń hàn. N kò fọwọ́ kan ohun mìíràn, kí n lè mọ̀ pé òun ló ṣiṣẹ́.

Ojú tuntun ni mo tún wá, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí iye náà wà. Eré ò tíì lọ jìnnà tí ìyá aláṣọ kan fi ju obì mẹ́ta sílẹ̀: "Ẹ gbé owó mi wá!" Kò sẹ́ni tó ní owó kéré mọ́. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti wá ń dúró báyìí, wọn ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan lè kó obì ẹni méjì. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwé òfin ni. Mo ti fi gbólóhùn kan kún un, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé e lọ báyìí, níbi tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí i.