Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títa ẹ̀rọ ìfúnpá tí ọmọ ń rà fi ránṣẹ́ sí òbí

Bí èèyàn bá ń wá ọjà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun yóò rà fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ wá síni lọ́kàn. Èrò náà dára. Ọmọ tó jìnnà ń fẹ́ mọ bí ara ìyá rẹ̀ ṣe rí, ó sì ṣe tán láti sanwó sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò yìí ṣe ń da owó sómi. Wọ́n á kó ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, páálí á rẹwà, ọmọ á sanwó, ẹ̀rọ á dé ọwọ́ ìyá. Ìyá á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó di inú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó sanwó ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ra ọjà. Wọn ò ro ti apá tí ẹ̀rọ náà fẹ́ wé.

1. Aṣọ apá kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Aṣọ tí a ń wé mọ́ apá, tí afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀, ní ìwọ̀n. Èyí tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Apá àgbàlagbà tó sanra díẹ̀ tètè máa ń kọjá 32. Bí aṣọ bá kéré fún apá, iye tí ẹ̀rọ máa gbé jáde yóò ga ju bó ṣe rí gan-an lọ. Bí aṣọ bá tóbi jù, iye náà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023 wọn èyí: àwọn tó yẹ kó lo aṣọ ńlá ṣùgbọ́n tí wọ́n fi èyí tó wọ́pọ̀ wọ̀n, iye òkè wọn fi nǹkan bíi 5 ga ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù lọ, ó fi nǹkan bíi 20 ga. Ẹ ro ohun tí 20 ń ṣe. Ìyá tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 128 á rí 148 lójú ẹ̀rọ. Ọmọ á gbọ́, oorun ò ní kun ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì máa lo oògùn tí kò yẹ kí wọ́n lò. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o. Aṣọ ni kò bá apá mu.

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé “Ṣé màmá yín sanra?” Ó lè ti pẹ́ tí ojú wọn ti rí ara wọn. Ẹ ní kí ìyá tàbí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kó sì rọrùn fún wọn. Kí ìyá na apá sílẹ̀ láìgan. Kí wọ́n wá egungun téńté èjìká àti ṣóńṣó ìgúnpá, kí wọ́n fi ọwọ́ sí àárín méjèèjì: ibẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí téèpù nílé, pépà A4 tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29.7. Kí wọ́n ká pépà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ní gígùn rẹ̀, kí wọ́n fi wé apá náà láìfún un mọ́ ọn.

Bí etí pépà méjèèjì bá kan ara wọn tàbí tí wọ́n lé ara wọn díẹ̀, apá náà kò ju 29.7 lọ, aṣọ 22 sí 32 yóò tó o, àyàfi tí apá bá tínrín gan-an. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn tí kò sì ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ó ṣì kù díẹ̀ kó tó 32, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ẹ ta aṣọ tó wà lẹ́nu ààlà fún un. Bí àlàfo bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, aṣọ ńlá ni. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò pépà náà lára apá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ kó tó sanwó. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí, ẹ ra ẹ̀rọ tí aṣọ rẹ̀ gba 22 sí 42, kí ẹ sì fi iye tó fi wọ́n díẹ̀ kún owó ọjà.

Ẹni tó ń lò ó náà lè mọ̀ bí aṣọ kò bá bá a mu. Lára aṣọ náà ni ìlà kékeré kan wà ní etí, àti àmì méjì tó fi ibi tí ìlà náà yẹ kó bọ́ sí hàn. Tí wọ́n bá wé e tán, tí ìlà náà sì bọ́ síta àmì méjèèjì, kí wọ́n má tẹ bọ́tìnì rárá. Ẹ ya àwòrán èyí sára káàdì tí ẹ fi sínú páálí.

2. Títa Búlútúùtù fún ọmọ

Ìlérí rẹ̀ dùn létí: “Bí màmá bá ti wọn ara wọn, ẹ ó rí i lórí fóònù yín.” Búlútúùtù kì í sábà rìn ju nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ nínú ilé. Fóònù tó ń gba iye náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá; ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti fi áàpù sí i, kó ti ṣí àkáǹtì, kí dátà sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ọmọ ò ní rí nǹkan kan, ẹ̀yin ni yóò sì máa pè.

Káàdì tó lágbára àti bírò ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ẹ fa ìlà 28 sórí káàdì náà: ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì. Ẹ kọ ọ́ sókè káàdì pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé ìkejì, kí apá wà lórí tábìlì níbi tó bá àyà dọ́gba, kí aṣọ apá wà lára awọ láìsí ẹ̀wù lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Tí ọ̀sẹ̀ bá pé, kí wọ́n ya fọ́tò káàdì náà fún ọmọ.

Ọmọ á yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, nítorí ara kì í balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ku 24. Ká ní àròpọ̀ iye òkè jẹ́ 3,312, tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 1,968. Bí a bá pín wọn sí 24, ó di 138 lórí 82. Ààlà fún ìwọ̀n tí a ṣe nílé ni 135 lórí 85, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì tó bá dé ààlà ti tó: káàdì yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ má sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi oògùn kún tàbí kó dín in kù.

3. Iná àti bátìrì

Ẹ yẹ ara ṣájà wò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Bí ó bá kọ 100 sí 240 fólítì, ó lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bí ó bá kọ 120 nìkan, tí ilé òbí sì ń lo 230, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa jó. Ohun tí ń pààrọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì kò ń pààrọ̀ fólítì. Mélòó nínú àwọn olùtajà ló ti mọ èyí báyìí?

Èyí tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin ni kí ẹ tà, kí ẹ sì fi mẹ́jọ sínú páálí. Èyí tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ máa ń fa ìbéèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ẹrù lójú òfuurufú. Àwọn kan tún máa ń fi páwá báǹkì kún ẹrù kí ó lè wu ọmọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti fòfin de bátìrì lítíọ́ọ̀mù aláàtúnchájì tó dá wà gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàálù tó ń kó èrò, ojú kan náà ni wọ́n sì fi ń wo páwá báǹkì. Ohun tí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn ni yóò dá gbogbo páálí padà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́: ẹ má tà á, nítorí bí ọwọ́ bá lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju àyà lọ, iye náà á yí padà.

Ẹ wo stridebp.org kí ẹ tó kó ọjà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí ló wà níbẹ̀.

Páálí ńlá náà ń jẹ owó láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀. Àwọn tó ń gbé ẹrù kíákíá máa ń ṣírò ìbú, òró àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á pín in sí 5,000. Bí ó bá ju ìwúwo gan-an lọ, òun ni ẹ máa san. Páálí 40 sí 30 sí 20 yóò di kílò 4.8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó kílò kan. Ẹ̀rọ kan náà nínú páálí 22 sí 16 sí 12 kò dé kílò kan. Ẹ kọ́kọ́ wá páálí kí ẹ tó kọ iye ọjà síta.

Bákan náà ni owó aṣọ́bodè. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ kí ẹni tó ń gbà á san án, wọ́n á pe ìyá pé kó wá sanwó kí wọ́n tó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyá á sì rò pé gbájúẹ̀ ni. Ẹ san án fúnra yín, kí ẹ ti kà á mọ́ iye ọjà. Ẹ má sì kọ “ẹ̀bùn” sórí ìwé ẹrù tí ìsọ̀ yín fi ránṣẹ́. Ọjà ni lójú aṣọ́bodè. Orílẹ̀-èdè mìíràn sì máa ń fẹ́ kí ẹ̀rọ ìlera ní ìwé àṣẹ kó tó wọlé, torí náà ẹ béèrè kí ẹrù tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àtúnṣe náà ńkọ́? Owó tí wọ́n máa fi dá ẹ̀rọ padà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n fi rà á. Aṣọ apá ló sì tètè máa ń bàjẹ́: ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ á rẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa jò lẹ́nu rọ́bà. Ẹnu rọ́bà yìí yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, nítorí náà aṣọ tí wọ́n bá rí rà lọ́jà lè má wọ inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ kejì sínú páálí àkọ́kọ́, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tí pépà A4 sọ.