Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Oko àti Ẹran Kọ́ Àwọn Ọmọ Ilé Kéwú Ní Àríyànjiyàn

Àwọn ọmọ ọdún 10 sí 12 tí wọ́n ń wá sí ilé kéwú ní Sátidé àti Sọ́ńdè ní Kétu níbí kì í ṣe aláìlẹ́nu. Ohun tó nira fún wọn ni kí wọ́n gbọ́ ti ẹnìkejì tán kí wọ́n tó fèsì, kí wọ́n sì wá bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yanjú dípò kí wọ́n kàn fẹ́ borí. Ẹjọ́ tó wà nínú Súrà Al-Anbiyáì, aáyà 78 àti 79, bá iṣẹ́ yìí mu gan-an: ẹran àwọn ènìyàn kan wọ oko lóru, ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sùlàímọ́nù, Ọlọ́hun sì fi òye rẹ̀ yé Sùlàímọ́nù. Aáyà náà sọ pé àwọn méjèèjì ni Ọlọ́hun fún ní ọgbọ́n ìdájọ́ àti ìmọ̀, nítorí náà ọmọ tí wọn kò gba èrò rẹ̀ kò ní rò pé òun ti dẹ́ṣẹ̀. Iye ràkáà ìrun tàbí ọ̀ranyàn ààwẹ̀ kò sí lára ohun tí à ń jiyàn lé lórí báyìí.

Ẹ má tíì ka aáyà náà fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ náà bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lágbègbè yìí: ewúrẹ́ 10 wọ oko àgbàdo lóru, wọ́n sì jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iye ohun tó bàjẹ́ fi tó iye owó ewúrẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sí ojú pátákó pé òru ni, àti pé iye méjèèjì dọ́gba, nítorí orí kókó méjì yìí ni gbogbo ìjiyàn náà dúró lé. Ẹ pe wọ́n ní olóko àti ẹlẹ́ran, kí ẹ má dárúkọ ẹ̀yà kankan; ọmọ ẹ̀yà náà lè wà lórí ẹní níwájú yín, kò sì yẹ kí ó máa jẹ́jọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Tí wọ́n bá jẹ́ 16, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà méjì yóò gbèjà olóko, méjì yóò gbèjà ẹlẹ́ran. Ìṣẹ́jú 10 tó fún wọn láti gbìmọ̀, kí aṣojú kọ̀ọ̀kan sì fi ìṣẹ́jú 2 sọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ẹni tó fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnìkejì wí, títí ẹni yẹn yóò fi sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn.” Àkókò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán sórí òfin yìí, ẹ jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ìhà, kí agbẹjọ́rò olóko di ti ẹlẹ́ran.

Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò parí rẹ̀ sí pé, “Àáfà, kí ẹ gba ewúrẹ́ náà fún olóko.” Kì í ṣe àṣìṣe, àwọn onítàfúsírì sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ànábì Dáúdà dá a. Ẹ bi wọ́n pé, “Tí ọdún bá yípo, kí ni yóò kù lọ́wọ́ ẹlẹ́ran?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìdájọ́ tí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì. Ìgbà tí wọ́n bá ti wá a títí ni kí ẹ tó ka aáyà náà, kí ẹ sì sọ ìdájọ́ Sùlàímọ́nù fún wọn: kí ẹran wà lọ́dọ̀ olóko, kí ó máa jẹ àǹfààní wàrà, irun àti ọmọ wọn, kí ẹlẹ́ran sì máa tún oko ṣe títí yóò fi padà sí bó ṣe wà, kí oníkálùkù wá gba tirẹ̀.

Níbí ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdájọ́ náà wé ewúrẹ́ tiwa. A kì í sábà fún wàrà ewúrẹ́ lágbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní irun tí à ń tà. Àgbàdo máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù 3 sí 4, oyún ewúrẹ́ sì jẹ́ oṣù 5, nítorí náà oko lè ti padà bọ̀ sípò kí ewúrẹ́ kan tó bímọ. Kí ni olóko yóò wá jẹ? Ọmọ kan lè sọ pé kí ẹlẹ́ran tún kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí oko náà. Òmíràn lè ní kí ọmọ àkọ́bí tó bá délẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́ ti olóko. Ẹ má yan èyí tó dára jù fún wọn. Ẹ bi olóko àti ẹlẹ́ran inú eré náà bóyá wọ́n gbà, kí wọ́n sì sọ ìdí.

Tí àkókò bá ṣẹ́kù, ẹ yí òru padà sí ọ̀sán. Nínú hádíìsì, Ànábì wa dá a pé kí olóko ṣọ́ oko rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹlẹ́ran sì ru ẹrù ohun tí ẹran rẹ̀ bá bàjẹ́ lóru. Ẹ óò rí àwọn tó ti ń pariwo fún olóko tí wọ́n dákẹ́ lójijì.

Tí gbogbo ojú bá ń wo yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ìdáhùn yín ni wọ́n ń wá. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn wọn. Tí ọmọ kan bá sì fi “Ànábì ló wí bẹ́ẹ̀” pa ẹnu àwọn yòókù mọ́, ẹ ní kí ó sọ ibi tó wà. Bí kò bá mọ ibẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí wàláà rẹ̀, kí ó wá a délé, kí ó mú ìdáhùn wá ní Sátidé tó ń bọ̀.