Iyọ̀ àti Ata Nínú Ìkòkò Ńlá: Ìdí Tí A Kì í Fi Sọ Wọ́n Di Ìlọ́po Méjì Ní Ìwọ̀n Kan Náà

Nígbà tí àlejò bá kún ilé ní oṣù Kẹjọ tí a ń ṣọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tàbí nígbà tí àgbẹ̀ bá gba òṣìṣẹ́ sí oko tí ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ wọn lọ́sàn-án, ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà á di ọbẹ̀ ènìyàn méjìlá. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn alásè ni pé kí gbogbo ohun tí ó ń lò di ìlọ́po méjì. Fún ata lílọ̀, àlùbọ́sà àti ẹran, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀, mágí, ata rodo àti kọ́rì náà bá di ìlọ́po méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ náà sábà máa ń níyọ̀ jù, tàbí kí ó ta kọjá ohun tí ọmọdé lè jẹ. Ìwé yìí dá lé ọbẹ̀ ata díndín, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé ń sè jù, òun náà sì ni ibi tí àṣìṣe yìí ti máa ń hàn jù lọ.

Omi ń lọ, iyọ̀ kò lọ

Iye iyọ̀ tí a dà sínú ìkòkò kọ́ ni ahọ́n ń mọ̀, bí kò ṣe bí iyọ̀ náà ṣe pọ̀ tó nínú ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀. Bí ata bá ń hó, omi inú rẹ̀ ń bá ooru jáde, ṣùgbọ́n gbogbo iyọ̀ tí a fi sí i wà níbẹ̀ títí dé òpin. Nítorí náà, ọbẹ̀ tí ó jáde ni ó yẹ kí a fi wọn iyọ̀, kì í ṣe èròjà tí ó wọlé.

Tí ọbẹ̀ tí ó jáde bá jẹ́ ìlọ́po méjì gan-an, iyọ̀ ìlọ́po méjì kì bá ti ṣe nǹkan kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí ó gba ìlọ́po méjì, tí ìrísí rẹ̀ bá ti kékeré mu, kì í fẹ̀ lójú ní ìlọ́po méjì. Ojú rẹ̀ kàn ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún fẹ̀ ju ti kékeré lọ. Ojú yìí sì ni omi ń gbà jáde. Nítorí èyí, tí àkókò tí alásè máa ń dín ata bá pé, ata inú ìkòkò ńlá yóò ṣì ṣàn. Alásè yóò tọ́ ọ wò, yóò rí i pé iyọ̀ kò tíì dé e, yóò bu iyọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni yóò kó igi sí ìdí iná kí omi lè gbẹ. Bí omi ti ń gbẹ, iyọ̀ tí ó bu sí i nígbà tí ọbẹ̀ ṣàn á wá pọ̀jù fún ọbẹ̀ tí ó ki. Mo gbà pé èyí ni ó ń ba ọbẹ̀ ayẹyẹ jẹ́ jù lọ, kì í ṣe pé alásè kò mọ ọbẹ̀ sè.

Iyọ̀ tí kò sí nínú ike iyọ̀

Kí a tó ṣí ike iyọ̀ rárá, iyọ̀ ti wà nínú ìkòkò. Mágí kan tí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 4 ní iyọ̀ tí ó tó ìdajì ara rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ẹran tí a ti fi iyọ̀ bọ̀ ní tirẹ̀, bí omi náà bá sì ti gbẹ kí a tó dà á sínú ata, iyọ̀ rẹ̀ á ti le sí i. Irú tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹja gbígbẹ kan. Tí alásè bá sọ mágí di ìlọ́po méjì, tí ó sọ omi ẹran di ìlọ́po méjì, tí ó tún wá sọ iyọ̀ inú ṣíbí di ìlọ́po méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ti fi iyọ̀ kún un, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì kà.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ìyálé kan ní Òkè-Fìà máa ń fi lítà 2 ata lílọ̀, ìdajì lítà omi ẹran àti òróró díẹ̀ se ọbẹ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, tí ọbẹ̀ náà sì máa ń kù sí lítà 1.6 nígbà tí òróró bá ti léfòó. Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣíbí tíì 2 tí ó fi ọwọ́ ré lójú, èyí tí ó tó gíráàmù 12. Mágí 2 fi nǹkan bí gíráàmù 4 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 16, tí ó túmọ̀ sí gíráàmù 10 nínú lítà ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ìṣirò má bàa díjú, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó bọ ẹran rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ bọ́ ènìyàn méjìlá, ó lọ sí Ọjà Ọba, ó ra ata tí ó di lítà 4 nígbà tí ó lọ̀ ọ́. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ra ẹran ní ìlọ́po méjì, nítorí náà omi ẹran rẹ̀ kò pé lítà kan. Ó gbé ìkòkò ka iná igi, ó dín in títí ó fi ki bí ó ṣe fẹ́, ohun tí ó sì kù nínú ìkòkò jẹ́ lítà 2.6 dípò 3.2. Bí ó bá ti fi ṣíbí iyọ̀ 4 àti mágí 4 sí i, gíráàmù 32 ti wà nínú lítà 2.6, èyí tí ó lé ní gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ó ti fi bí ìdá mẹ́rin níyọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni yóò sì mọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni pé kí ó fi ìlọ́po kan àti ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀: ṣíbí iyọ̀ 3 àti mágí 3, kí ó wá da ṣíbí iyọ̀ kan tí ó kù sínú ife kékeré kan, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Gíráàmù 24 ni yóò wà nínú ìkòkò. Nígbà tí òróró bá léfòó tí ọbẹ̀ sì ti ki, yóò tọ́ ọ wò, yóò rí i pé ó fẹ́ tẹ́ díẹ̀, yóò bu ìdajì ṣíbí láti inú ife, àpapọ̀ á di gíráàmù 27, ọbẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìkòkò kékeré dọ́gba. Ìdajì ṣíbí tí ó kù nínú ife yóò padà sínú ike.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìlera náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní ọjọ́ kan má tó gíráàmù 5, èyí tí kò tó ṣíbí tíì kan. Tí àwọn méjìlá náà bá jẹ ọbẹ̀ gíráàmù 32 tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ ju ìdajì ìwọ̀n ọjọ́ kan lọ láti inú ọbẹ̀ nìkan, láì tíì ka ohun mìíràn tí yóò jẹ.

Ata rodo àti àwọn èròjà olóòórùn

Ohun tí ń mú kí ata ta kì í bá ooru jáde bí omi ṣe ń jáde, nítorí náà ìṣirò tí a ṣe fún iyọ̀ bá a mu. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìwà méjì mìíràn. Èkíní ni pé ata rodo kì í dọ́gba: hóró mẹ́fà láti orí àtẹ kan lè ta ju mẹ́wàá láti orí àtẹ kejì lọ, tí a bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó ń lo mẹ́fà, kí ó lọ mẹ́sàn-án, kí ó sì lọ mẹ́ta yòókù lọ́tọ̀, kí ó dín in nínú òróró díẹ̀, kí ó fi kún ọbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́ ọ wò. Ìkejì ni pé inú òróró ni títa ata máa ń wọ̀, kì í fẹ́ràn omi. Bí òróró bá léfòó sókè ìkòkò jíjìn, ẹni tí a kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ fún lè gba èyí tí ó ta jù. Ẹ po ọbẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò, ẹ sì tún po ó kí ẹ tó máa bù ú.

Kọ́rì àti táìmù yàtọ̀ sí ata, nítorí pé òórùn wọn ń bá ooru lọ. Ìkòkò ńlá máa ń pẹ́ lórí iná, èyí tí a bá fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ lè pàdánù òórùn rẹ̀ kí ó sì máa korò. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ tó, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná.

Bí a ṣe ń tọ́ ọ wò

Iyọ̀ kì í tètè kárí nínú ọbẹ̀ tí ó ki. Lẹ́yìn tí ẹ bá bu iyọ̀ sí i, ẹ po ó dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bu díẹ̀ sínú àwo kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ahọ́n tí ọbẹ̀ gbígbóná bó kò lè mọ iyọ̀. Ẹ fi òkèlè ẹ̀bà tàbí ìrẹsì díẹ̀ tọ́ ọ wò, nítorí pé báyìí ni a óò ṣe jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ti wà nídìí iná láti àárọ̀ tí ó ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò léraléra lè má mọ iyọ̀ mọ́. Kí ó pe ẹlòmíràn.

Ibi tí ìlọ́po méjì ti tọ́

Mọ́ínmọ́ín kì í pàdánù omi púpọ̀, nítorí pé inú ewé ni ó wà. Iyọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Níwọ̀n bí kò ti dára láti máa jẹ ẹ̀wà tútù, ẹ di ẹyọ kan, ẹ sè é jinná, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó di ìyókù. Ní ti búrẹ́dì, ìwọ̀n ìyẹ̀fun ni iyọ̀ ń tẹ̀ lé, kí ó di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja tí a fẹ́ fi iyọ̀ pa mọ́: ìwọ̀n ẹja ni kí ẹ fi wọn iyọ̀, ẹ má ṣe dín in kù rárá, nítorí pé iyọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹja náà bàjẹ́.

Tí iyọ̀ bá ti pọ̀jù

Àwọn kan máa ń ju ọ̀dùnkún sínú ọbẹ̀, wọ́n gbà pé yóò fa iyọ̀ jáde. Omi ọbẹ̀ ni ọ̀dùnkún ń fà mu, pẹ̀lú iyọ̀ tí ó wà nínú omi náà. Bí iyọ̀ ṣe le tó nínú èyí tí ó kù kì í yí padà ní ọ̀nà tí ahọ́n lè mọ̀. Ohun tí ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ata àti tòmátò díndín tí kò ní iyọ̀ kún un. Fún lítà 2.6 tí a ṣàpẹẹrẹ rẹ̀ lókè, nǹkan bí ìdajì lítà ata díndín aláìníyọ̀ yóò dá a padà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Nítorí èyí, ẹ yọ ife ata lílọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ se ìkòkò ńlá, kí ẹ má sì dà á sínú ìkòkò àfi lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọbẹ̀ wò ní ìkẹyìn.