Bí a ṣe ń kó ìpè àkọ́kọ́ pẹ̀lú oníbàárà sí ojú ìwé kan

Sólà ni mo ń tà n'Ìbàdàn. Kí n tó lè dá owó iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é, kí n béèrè bí ọ̀rọ̀ iná ṣe ń bá a fínra, kí n sì panu mọ́ láti gbọ́. Ìpè yẹn lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó máa ṣètò iṣẹ́ àti ẹni tó máa gun òrùlé kò ráyè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé kan ni wọ́n ń retí, nǹkan mẹ́rin ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ohun tí oníbàárà nílò, ohun tó ń fà á sẹ́yìn, àmì owó, àti ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí.

Tọrọ àyè kí o tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá gbà, ìwé ọmọ iléèwé àti bíró méjì ti tó. Búlúù ni mo fi ń kọ ohun tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ, pupa ni mo fi ń kọ ohun tí èmi rò. Bí o ò bá rí pupa rà, fa ìlà sábẹ́ èrò tìẹ. Ká ìwé náà sí mẹ́rin, kí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀. Mi ò kí ń pe oníbàárà mìíràn títí màá fi kọ ti àkọ́kọ́ tán, torí bí mo bá ti pe ẹni kejì, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á ti dàpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan tó ń ta ẹja áìsì àti tọ́kì ṣe àpẹẹrẹ. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni, "Bọ̀dá, sólà 5kVA ni mo fẹ́." Ọ̀pọ̀ á kọ 5kVA sí igun ohun tó nílò, wọ́n á sì kọjá. Àmọ́ nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ 5kVA, ó ní 5kVA ni ará iwájú òun rà. Nígbà tó yá ló wá sọ ti inú rẹ̀: fírísà mẹ́ta kò gbọdọ̀ yọ́ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, òun ò sì fẹ́ kí ọmọ òun máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ nítorí àtipa jẹnẹrétọ̀. Èyí ni mo kọ. 5kVA ń sọ ẹrù tí ẹ̀rọ lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bátìrì ló ń pinnu bóyá iná á dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí mo bá kọ 5kVA nìkan, ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ lè gbé ẹ̀rọ ńlá fún un pẹ̀lú bátìrì kékeré, kí ẹja sì yọ́ ní aago mẹ́ta òru.

Igun owó ni wàhálà wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́, àti èmi náà rí, ti ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ta ló máa sọ iye tó wà lápò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí, lórí fóònù? Ẹni tó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti ń ná ọjà nìyẹn. Nítorí náà, àmì là ń kó jọ, kì í ṣe iye.

Ìgbà mẹ́rin ni ìyá yìí fẹnu ba owó. Ó ní epo ₦9,000 lòun ń rà lójúmọ́. Ó ní ará iwájú òun ra tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 àbọ̀. Ó ní àjọ òun á bọ́ sóun lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ó sì béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń gbà á díẹ̀díẹ̀?"

Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì mí kọ ọ́ báyìí: "Owó: mílíọ̀nù 2 àbọ̀." Ìyẹn kì í ṣe owó ìyá, owó ará iwájú rẹ̀ ni. Ohun tó ń fi wọ̀n wá ni, kò sọ pé òun lè san án. Epo ₦9,000, bí ó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 26 lóṣù, di ₦234,000. Iye tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí inú ọjà tó ń tà lojoojúmọ́ ló ti ń yọ ọ́. Àjọ sọ ìgbà fún wa, kò sọ iye. Ìbéèrè tó bi mí gbẹ̀yìn fi hàn pé kò ní lè san án lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí. Mo kọ iye tí oníbàárà gbọ́ níbòmíràn bí ẹni pé òun ló dá a, a fi iye náà ránṣẹ́ sí i, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Látìgbà náà, nọ́ńbà kan kì í dá dúró ní igun owó mi àyàfi bí oníbàárà bá sọ pé "mo ní" tàbí "mo lè san". Gbólóhùn rẹ̀ gan-an ni mo ń kọ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó wà nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ní igun ohun tó ń fà á sẹ́yìn, má ṣe sáré kọ "ó wọ́n". Ìyá yìí sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kẹrin, nígbà tí mi ò tíì dá iye kankan lé e! Ìkíni ọjà lásán nìyẹn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bátìrì ará iwájú kú kó tó pé ọdún. Èkejì, ìgbà tí a ti ń dágbére ló fẹ̀rín sọ ọ́: "Tí onílé bá ní kí n kó jáde ńkọ́?" Díẹ̀ ló kù kí n gbójú fò ó. Má pa ohùn náà títí fóònù á fi já, torí ẹ̀yìn "ó dàbọ̀" ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ní ti "màá bá bàbá wọn sọ ọ́", ìyẹn kì í fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ló ń dárúkọ fún ọ yẹn. Igun àdéhùn ni kó o kọ ọ́ sí.

Igun àdéhùn kò gba "màá pè yín". Ta ni, kí ló máa ṣe, ọjọ́ wo: bí ọ̀kan bá kù, kò tíì sí àdéhùn. Mo máa ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù lọ́jọ́ náà gan-an:

"Ẹ káàsán mà. Bí a ṣe jọ sọ ọ́: màá wá wo òrùlé àti fírísà yín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ẹ̀yin ẹ ó bi onílé bóyá a lè gbé páànẹ́lì sórí òrùlé. Bàbá wọn náà á wà níbẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀kankan gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe fún mi."

Ó dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ọjọ́bọ̀ kọ́ o, Ọjọ́ Ẹtì ni. Bàbá wọn ń lọ sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀. Onílé ní kí ẹ wá rí òun kẹ́ ẹ tó gun òkè." Mo fi bíró búlúù fagi lé Ọjọ́bọ̀, mo sì kọ orúkọ onílé sábẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.