Tíṣáàtì Ìpàdé Ẹbí: Àwọn Ìbéèrè Tí Mò Ń Dáhùn Lójoojúmọ́ Lórí Àwọ̀ àti Ibi Tí Iṣẹ́ Yóò Wà

Títẹ̀ onísìkírínì ni mò ń sọ níbí, èyí tí a ti ń na àwọ̀n mọ́ férémù, tí a sì ń fi rọ́bà fa íńkì gba inú àwọ̀n náà kọjá sára aṣọ. Bí Àjíǹde tàbí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láti àárọ̀ di alẹ́. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn.

"Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní kò ṣeé lò. Lórí fóònù mi, ó mọ́ gaara."

Ojú fóònù kéré, àyà ènìyàn tóbi. Ẹ fi fáìlì tí wọ́n fi ya iṣẹ́ náà gan-an ránṣẹ́, PDF tàbí CDR, kí ẹ sì yan `Document`, ẹ má yan `Gallery`. Kí ẹni tó yà á kọ́kọ́ sọ gbogbo lẹ́tà di ìlà yíyà (`Ctrl+Q` nínú CorelDRAW). Bí irú lẹ́tà tó lò kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà mi, òmíràn ni yóò rọ́pò rẹ̀, àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

"Àwọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú díṣáìnì wa. Kí ló dé tí ẹ fi gba owó sìkírínì mẹ́rin?"

Àwọ̀ kan, sìkírínì kan. Ẹ̀kẹrin ni funfun abẹ́. Bí a bá fa íńkì góòlù tàbí pupa sórí aṣọ tó ṣú, aṣọ á gbé àwọ̀ náà mì, á dà bí ìdọ̀tí. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ funfun sílẹ̀, kí a mú un gbẹ díẹ̀ lábẹ́ iná, kí a tó fa àwọ̀ gidi lé e. Lórí aṣọ funfun, kò sí owó yìí.

Ohun tí ẹ kì í rò ni pé àwọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹbí kan mú àwòrán ilé bàbá wọn wá fún tíṣáàtì aláwọ̀ wáìnì, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ góòlù, ògiri funfun, fèrèsé dúdú, igi ìdí ilé àwọ̀ ewé, ìkọ̀wé orí ògiri sì jẹ́ wáìnì. Àwọ̀ márùn-ún nìyẹn. Mo ní kí a gé fèrèsé àti ìkọ̀wé náà sílẹ̀ bí ihò, kí aṣọ fúnra rẹ̀ máa hàn níbẹ̀. Igi di góòlù bí òrùlé. Funfun ògiri àti funfun abẹ́ góòlù wà lórí sìkírínì kan náà. Àwọ̀ márùn-ún di sìkírínì méjì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ pé nǹkan kan dín lára ilé bàbá wọn. Kí ẹ tó yan àwọ̀ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yan àwọ̀ aṣọ.

"A fẹ́ kí fótò bàbá wa tó ti lọ wà níwájú. Ṣé ìyẹn náà ní iye àwọ̀?"

A lè fi àwọ̀ kan tẹ̀ ẹ́. A ó sọ fótò náà di ẹ̀kán wẹ́wẹ́, ńlá níbi tó ṣú, kékeré níbi tó mọ́lẹ̀, ojú yóò sì dà wọ́n pọ̀ di àwòrán. Ẹ yọ ohun tó wà lẹ́yìn bàbá kúrò kí ẹ tó mú un wá. Bí aṣọ bá dúdú tí íńkì bá jẹ́ funfun, ibi tó mọ́lẹ̀ lójú bàbá ni kí íńkì bọ́ sí. Fíìmù ni ike tó mọ́ gaara tí a ń tẹ àwòrán sí láti fi ṣe sìkírínì. Ẹni tó bá fi fíìmù ti aṣọ funfun tẹ ti aṣọ dúdú, irun bàbá á funfun, eyín rẹ̀ á dúdú, ojú rẹ̀ á sì dà bí ti iwin. Bí ẹ bá fẹ́ gbogbo àwọ̀ fótò pé pérépéré, tí aṣọ náà kò sì ju ogún lọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe DTF, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sórí ike, tí wọ́n á wá fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Wọn kì í ka àwọ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí ẹ tẹ̀ bọ́ sí ikùn òun. Ti ọmọ mi wọ abẹ́ abíyá. Ẹ̀bi ta ni?"

Ẹ máa ń gbé díṣáìnì sí àárín aṣọ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àárín aṣọ sún mọ́ ìdodo, kì í ṣe àyà. Ọrùn aṣọ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Fún àgbàlagbà, òkè iṣẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí ínṣì 3 sí ìsàlẹ̀ ọrùn aṣọ níwájú. Lẹ́yìn, mo máa ń fi í sí ínṣì 4. Ti ọmọdé níwájú kì í ju ínṣì 2 lọ.

Ti fífẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Tíṣáàtì S máa ń fẹ̀ tó ínṣì 18, XL tó ínṣì 24, ti ọmọ ọdún mẹ́fà sì lè máa tó 15. Sìkírínì kan, ìwọ̀n kan ni. N kò lè sún un kì nígbà tó bá kan ọmọdé. Iṣẹ́ tó fẹ̀ tó ínṣì 11 bá S mu, kò sì kéré jù lára XL, ṣùgbọ́n lára ọmọ yẹn, ínṣì 2 péré ló kù lápá kọ̀ọ̀kan, bó bá sì gbé apá báyìí, iṣẹ́ ti ká wọ abíyá. Bí ọmọdé bá pọ̀ nínú ẹbí, ẹ san owó sìkírínì mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 7 fún wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí a lo àmì kékeré ti àyà òsì fún wọn.

Fún àwọn ìyá tí àyà wọn tóbi, ẹ má fi ìlà lẹ́tà wẹ́wẹ́ dábùú ibi tó yọ jù. Yóò tẹ̀, kò sì ní ṣeé kà. Ẹ gbé e sókè. Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́, ẹ tẹ díṣáìnì náà sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ gé e, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, kí ẹni tó sanra jù àti ẹni tó kéré jù nínú ẹbí wọ̀ ọ́ wò. Ìwé A4 méjì tí ẹ bá lẹ̀ pọ̀ ti tó.

"Funfun ń yọ létí àwọn lẹ́tà wa bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Nígbà tí a tún un ṣe, àmì ìsàlẹ̀ Ẹ àti Ọ pòórá. Kí ni ká ṣe?"

Èyí ni iṣẹ́ ẹbí onílé bàbá tí mo mẹ́nu bà lókè, ó sì gba oorun ọjọ́ mẹ́ta lójú mi. Lábẹ́ àwòrán ilé náà, wọ́n kọ ẸBÍ WA, ỌLÁ WA ní góòlù, lẹ́tà tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Aṣọ kìíní tí mo tẹ̀, funfun abẹ́ yọ lápá ọ̀tún gbogbo lẹ́tà.

Oògùn tí gbogbo wa mọ̀ ni láti sún etí funfun wọlé, kí ó kéré díẹ̀ ju góòlù tó máa bò ó lọ. Mo sún un wọlé ní ìdajì mìlímítà yíká, mo ṣe sìkírínì mìíràn. Funfun kò yọ mọ́. Inú mi dùn, mo tẹ ọgbọ̀n aṣọ, mo sì pe ìyá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kó wá wò ó. Ó gbé ẹyọ kan sókè, ó dákẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ebi wo lẹ kọ sí wa láyà yìí?"

Mo wò ó. Àmì ìsàlẹ̀ Ẹ kò sí níbẹ̀, àmì orí Í náà kò sí. EBI WA ló wà lára aṣọ. Ẹbí tó fẹ́ kó ara wọn jọ, tó fẹ́ wọ ebi sọ́rùn! Mo bẹ ìyá náà, mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì.

Mo kọ́kọ́ rò pé fáìlì ló bàjẹ́. Mo ṣí i, àmì wà. Mo wo fíìmù, àmì wà. Mo wá di ẹ̀bi ru iná tí a fi ń gbé àwòrán láti orí fíìmù sára sìkírínì: bí sìkírínì bá pẹ́ jù lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ máa ń rá wọ abẹ́ ẹ̀kán kéékèèké, á sì dí wọn. Mo dín àsìkò iná kù, mo ṣe sìkírínì góòlù lẹ́ẹ̀mejì. Kò yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gbé aṣọ náà sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Àmì wà níbẹ̀! Íńkì góòlù bọ́ síbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí funfun lábẹ́ rẹ̀, aṣọ wáìnì sì ti gbé e mì.

Ìgbà náà ni mo tó mú rúlà. Àmì ìsàlẹ̀ Ẹ fẹ̀ ní mìlímítà 1.2. Mo ti mú ìdajì mìlímítà kúrò lápá kìíní, mo mú ìdajì kúrò lápá kejì, ó ku 0.2. Àwọ̀n tí mo fi tẹ funfun ní okùn 110 nínú ínṣì kan, ìyẹn ni pé okùn kan jìnnà sí èkejì tó 0.23 mìlímítà. Okùn kan ṣoṣo ti tó láti dí ihò tó kù. Ara lẹ́tà fẹ̀ tó mìlímítà 2, òun yè é, àmọ́ àmì kò lè yè é.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo sọ àmì ìsàlẹ̀ gbogbo di mìlímítà 2.5, mo mú àmì orí nípọn tó ara lẹ́tà, mo sì gbé wọn kúrò lára lẹ́tà díẹ̀ kí íńkì má baà so wọ́n pọ̀. Mo wá dín ìsúnwọlé funfun kù sí 0.25. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a dúró níbẹ̀, funfun á tún yọ, nítorí n kò tíì wo ohun tó ń mú un yọ. Aṣọ òwú máa ń sún kì díẹ̀ nígbà tí iná gbígbẹ bá kàn án. Bí funfun bá ti wà lára rẹ̀ kó tó sún kì, góòlù kò ní bá a ní ipò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iná ní òfìfo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí n tó tẹ ohunkóhun sí i, mo sì fi gọ́ọ̀mù tuntun sórí pátákó tí a ń tẹ́ aṣọ sí, kí aṣọ má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Funfun kò yọ mọ́, àmì sì dúró. Mo ra ọgbọ̀n aṣọ mìíràn lápò ara mi.

Tiyín ńkọ́? Ẹ wọn àmì tó kéré jù nínú iṣẹ́ yín ní ìwọ̀n tí yóò wà lára aṣọ. Bí kò bá tó mìlímítà 2 tí aṣọ sì ṣú, ẹ fẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bí àmì bá ti pòórá lára aṣọ, ẹ wò ó dáadáa. Bí íńkì bá wà níbẹ̀ tó ṣú, funfun abẹ́ ni kò sí. Bí íńkì kò bá sí rárá, sìkírínì àwọ̀ òkè ló dí.

"Ṣé mo lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀ fúnra mi kí owó lè dín?"

Bí aṣọ bá funfun, tí àwọ̀ kò ju méjì lọ, tí wọn kò sì kan ara wọn, ẹ yà á. Bí funfun abẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ gan-an, nítorí iye tí yóò sún funfun wọlé dá lórí àwọ̀n rẹ̀ àti tábìlì rẹ̀, ẹ̀yin kò sì rí méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ni fáìlì tí lẹ́tà rẹ̀ ti di ìlà yíyà, iye aṣọ ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àti tíṣáàtì kan nínú èyí tí ẹ rà.