Bájì mi ń ṣí fún èmi nìkan: bí mo ṣe tún líǹkì ẹ̀rí mi ṣe lórí LinkedIn

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni líǹkì ẹ̀rí mi fi wà lójú-ìwé mi lórí LinkedIn tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ẹnì kan tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ló kọ̀wé sí mi pé òun tẹ `Show credential`, ibi tí wọ́n ti ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù ló gbé òun lọ. Inú bí mi gan-an, torí mo ti tẹ bọ́tìnì yẹn fúnra mi ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, ó sì ń ṣí wẹ́rẹ́. Àṣé àyẹ̀wò tí mò ń ṣe yẹn gan-an ló ń tàn mí jẹ.

Fífi ẹ̀rí kún ojú-ìwé ò le. Inú `Licenses & certifications` ni: orúkọ ẹ̀rí, ọjọ́ tí wọ́n fún ọ, `Save`, ó parí. Àpótí `Credential URL` ló kó mi sí wàhálà. Bí o bá fi í sílẹ̀ lófìfo, bọ́tìnì `Show credential` ò ní yọ rárá. Bí o bá sì kọ líǹkì sí i, bọ́tìnì á yọ, ṣùgbọ́n yíyọ tó yọ kì í ṣe ẹ̀rí pé líǹkì náà ń ṣí fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni àdírẹ́sì tí mo bá lókè búráúsà nígbà tí mo wọ àkáǹtì mi lórí ìkànnì tó fún mi ní bájì, ìyẹn àmì ẹ̀rí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti lọ wò ó. Ìlà kìíní nísàlẹ̀ yìí ni irú rẹ̀. Ìlà kejì ni irú èyí tó yẹ kí n lò. Mo ti fi orúkọ mìíràn rọ́pò ti ìkànnì náà.

```
https://badges.example.org/account/earned/4821
https://badges.example.org/public/7f3a91
```

Inú àkáǹtì mi ni ìlà kìíní ń tọ́ka sí. Búráúsà mi ti mọ̀ mí, ó ní kúkì tó ń sọ fún ìkànnì pé èmi ni mo dé, ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àlejò ò ní kúkì yẹn. Ìlà kejì kò sí lókè búráúsà níbi tí mo wà. Abẹ́ bọ́tìnì `Share` ni mo ti rí i.

Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Síbẹ̀, ẹni yẹn tún ní kò ṣí! Lọ́tẹ̀ yìí, `404 Not Found` ló rí. Ìyàtọ̀ yìí ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá bá ibi pásíwọ́ọ̀dù pàdé, líǹkì inú àkáǹtì lo fún un. Bí líǹkì gbogbogbòò bá jáde sí `404` fún àlejò ṣùgbọ́n tí bájì ṣì hàn nínú àkáǹtì rẹ, lọ wo bóyá o ti gbé e síta. Bájì tèmi ṣì wà ní `Private`. Mo yí i sí `Public`, ó ṣí lójú ẹsẹ̀.

Inú wíńdò `Incognito` ni kí o ti dán líǹkì wò. Táàbù tuntun lásán ò tó, kúkì kan náà ló ń lò. Bí o bá sì ti wọ àkáǹtì nínú wíńdò `Incognito` kan, pa gbogbo irú rẹ̀ tó wà ní ṣíṣí kí o tó dán an wò, torí wọ́n jọ ń pín kúkì ni. Fóònù ẹlòmíràn ló dá mi lójú jù.

Kí n tó mọ èyí, mo ti gbìyànjú láti fi àwòrán bájì nìkan rọ́pò líǹkì. Lábẹ́ ìlànà Open Badges, wọ́n lè tẹ ìsọfúnni ẹ̀rí mọ́ inú fáìlì PNG fúnra rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú wo àwòrán ò lè rí i, àwọn ìkànnì sì sábà máa ń tún fáìlì fún pọ̀ tí ohun inú rẹ̀ á fi dànù. Ẹnikẹ́ni ló lè da àwòrán bájì kọ; líǹkì nìkan ló ń mú èèyàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fúnni ní ẹ̀rí.

Ohun kan tí mo ṣe dáadáa, tí inú mi dùn sí: nínú `Issuing organization`, mo mú orúkọ àjọ náà látinú àwọn tó yọ sísàlẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá kàn kọ orúkọ náà parí láìmú un, àmì àjọ ò ní hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí rẹ.

Bí mo bá tún un ṣe lónìí, ojú-ìwé gbogbogbòò ni màá kọ́kọ́ kà kí n tó kan LinkedIn: ṣé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti ojú-ìwé mi mu, ṣé ọjọ́ tí ẹ̀rí máa parí bá èyí tí mo kọ mu. Bí wọ́n bá sì sọ ẹ̀rí dọ̀tun, wọ́n lè fún ọ ní bájì mìíràn tó ní líǹkì tirẹ̀. Ti àtijọ́ á ṣì máa ṣí, ṣùgbọ́n `Expired` ni àlejò máa kà níbẹ̀ títí o fi máa pààrọ̀ rẹ̀.